Dẹ́símà, ìdá, àbí ti Amẹ́ríkà: ọ́ọ̀dì wo ló yẹ kẹ́ ẹ máa kà?

Ẹni tó bá ń wo ilé tẹ́tẹ́ ju ẹyọ kan lọ ti mọ wàhálà yìí, ibì kan á kọ 2.40, ibòmíì á kọ 11/8, ìkẹta á kọ +138, gbogbo rẹ̀ lórí agbábọ́ọ̀lù tẹníìsì kan náà, ojú á wá máa ṣe bíi pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà. Wọn ò ta nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ o. Owó tó wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà, ẹni tí ò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀kan sí èkejì ò ní mọ ẹni tó ń san jù.

Nǹkan mẹ́ta ni mo máa fi wọ̀n wọ́n. Àkọ́kọ́, ṣé owó tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ wà nínú nọ́mbà tí wọ́n kọ, àbí èrè nìkan ló wà níbẹ̀. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá. Ìkejì, tí wọ́n bá gbé ọ́ọ̀dì méjì síwájú yín, ṣé ojú lásán lè mọ èyí tó san jù. Ìkẹta, ṣé nọ́mbà náà ṣì máa wúlò tí bẹ́ẹ̀tì bá kúrò ní géèmù ẹyọ kan, tó di tíkẹ́ẹ̀tì alápapọ̀, tàbí bẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, tàbí tẹ́tẹ́ ẹṣin tí wọ́n pín sí méjì. Mi ò ní ka bó ṣe rí lójú mọ́ ọn, ohun tí ojú bá ti mọ́ lára ló máa ń pè ní èyí tó dáa.

Dẹ́símà

Èyí ni wọ́n ń lò jù ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní Ọsirélíà àti Kánádà, òun náà ló sì pọ̀ jù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nọ́mbà náà ni gbogbo owó tó máa padà bọ́ sí yín lọ́wọ́ lórí 1 tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀, tẹ́ ẹ bá jẹ. Gbogbo rẹ̀ o, owó yín tẹ́lẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi 40 ta 2.40, 40 lọ́nà 2.40 jẹ́ 96. Nínú 96 yẹn, 40 ti jẹ́ tiyín kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀, 56 ni èrè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èrè nìkan, ẹ yọ 1 kúrò lára ọ́ọ̀dì kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di púpọ̀: 1.40 lọ́nà 40, 56 náà ni.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ ni àwọn ọ́ọ̀dì kékeré. Ẹ wo 1.20 àti 1.40, ó jọ pé ìyàtọ̀ wọn kéré, ṣebí 0.20 péré ni, ṣùgbọ́n ẹ yọ 1 kúrò lára méjèèjì, èrè ti kúrò ní 0.20 ó ti di 0.40, ìyẹn ni pé ó di ìlọ́po méjì. Ẹ wá wo 3.20 àti 3.40, 0.20 kan náà ló wà láàárín wọn, àmọ́ èrè kúrò ní 2.20 lọ sí 2.40, kò tiẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tó fi lé. Torí náà ẹ má fi ojú ka dẹ́símà tó bá ti súnmọ́ 1, ẹ yọ 1 yẹn kúrò kẹ́ ẹ tó ṣèdájọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá pín 1 sí ọ̀nà ọ́ọ̀dì yẹn, ẹ máa rí iye ìgbà nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹni tẹ́ ẹ ta lé gbọ́dọ̀ jẹ kí owó yín tó lè dọ́gba láìjèrè láìpàdánù. 1 ÷ 2.40 jẹ́ 41.67%. Tẹ́ ẹ bá gbà pé ẹni yẹn máa jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́ọ̀dì náà ní ìtumọ̀ sí yín, tẹ́ ò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń gé ẹ̀yìn nọ́mbà kúrò. 10/11 ní ìdá jẹ́ 1.90909 tí kò lópin, ẹlòmíì á kọ ọ́ sí 1.91, ẹlòmíì á gé e sí 1.90. Lórí 1000, 1.91 jẹ́ 1910, iye tó pé gan-an jẹ́ 1909.09, 1.90 sì jẹ́ 1900. Ẹ ò rí i pé ti 1.90 yẹn kì í ṣe gígé nọ́mbà mọ́, owó yín ni wọ́n gé. Ẹ máa wo owó tí wọ́n bá kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, òun ló máa sọ èyí tí wọ́n lò.

Ìdá

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Áyálándì ni wọ́n ti ń lò ó jù, pàápàá nídìí eré ẹṣin. Èrè nìkan ni ìdá ń sọ. Nọ́mbà ìsàlẹ̀ ni owó tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀, tòkè ni èrè tó máa tẹ̀lé e. 11/8 túmọ̀ sí pé lórí 8 kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀, ẹ máa jèrè 11. Ẹ fi 40 ta á: 8 wà nínú 40 lẹ́ẹ̀marùn-ún, 5 lọ́nà 11 jẹ́ 55, ìyẹn ni èrè. Owó yín á padà wá bá a, àpapọ̀ á jẹ́ 95.

Láti sọ ọ́ di dẹ́símà, ẹ pín òkè sí ọ̀nà ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi 1 kún un. 11 ÷ 8 jẹ́ 1.375, ẹ fi 1 kún un, 2.375. 1 tí wọ́n fi kún un yẹn ni owó yín tó ń padà bọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ ló máa ń wo 5/1 àti 5.00 tó á ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, 5/1 jẹ́ 6.00, 5.00 sì jẹ́ 4/1.

Ẹ tún kíyè sí ìdá tí òkè rẹ̀ kéré ju ìsàlẹ̀ lọ, bíi 4/6. Ẹni tí wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ ni wọ́n ń kọ irú ẹ̀ fún, èrè rẹ̀ ò sì ní tó owó tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sáré kàwé tẹ́ ẹ ka 4/6 sí 6/4, ẹ ti ṣìnà pátápátá: lórí 40, 6/4 ń mú èrè 60 wá, 4/6 ń mú 26.67 wá.

Ní ti fífi ojú wé ara wọn, ìdá ló burú jù, mi ò ní fi bò. Ta ló lè wo 13/8 àti 7/4 kó sọ lójú ẹsẹ̀ èyí tó san jù? Àwọn tó dàgbà sídìí ẹ̀ lè ṣe é, torí wọ́n ti há àkàbà ọ́ọ̀dì náà sórí, 5/4, 11/8, 6/4, 13/8, 7/4, 15/8, 2/1, bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè lọ. Ẹ wò ó dáadáa, wọ́n kọ 6/4, wọn ò kọ 3/2, wọ́n sì tún máa ń kọ 100/30 dípò 10/3, àṣà ni, ìṣirò ò béèrè fún un. Àkàbà yẹn tún fà á tí yíyí dẹ́símà padà sí ìdá kì í fi í bọ́ sí ojú ibi tó yẹ. 2.40, tẹ́ ẹ bá yọ 1, ó ku 1.40, ìyẹn 7/5, àmọ́ ìlànà àtijọ́ máa ń fò láti 11/8 bọ́ sórí 6/4 ni. Torí náà tí ilé tẹ́tẹ́ kan bá ní dẹ́símà nínú ìwé rẹ̀, tẹ́ ẹ wá yí sẹ́tìnsì sí ìdá, ìdá tẹ́ ẹ máa rí lè jẹ́ èyí tó kàn súnmọ́ ọn lásán.

Ti Amẹ́ríkà

Nọ́mbà yìí náà, èrè nìkan ló ń sọ, 100 sì ni òpó tó di gbogbo rẹ̀ mú. Wàhálà ẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ni nọ́mbà kan ń ṣe, àmì iwájú ẹ̀ ló ń sọ èyí tó ń ṣe. Tó bá jẹ́ púlọ́ọ̀sì, nọ́mbà náà ni èrè tẹ́ ẹ máa jẹ lórí 100. +138: ẹ gbé 100 kalẹ̀, èrè 138. Tó bá jẹ́ máínọ́ọ̀sì, nọ́mbà náà ni owó tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbé kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè jèrè 100. −160: ẹ gbé 160 kalẹ̀, èrè 100. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ta 100 tàbí 160 o, ìwọ̀n lásán ni, 40 náà á ṣiṣẹ́.

Yíyí wọn sí dẹ́símà rèé, N ni nọ́mbà náà láìka àmì iwájú ẹ̀, D ni dẹ́símà:

```
+N:        D = N/100 + 1
-N:        D = 100/N + 1
D >= 2:    +N,  N = (D - 1) * 100
D < 2:     -N,  N = 100 / (D - 1)
a/b:       D = a/b + 1
```

Kò sí nọ́mbà kankan láàárín −100 àti +100. Àwọn méjèèjì bá ara wọn pàdé síbi kan náà ni, +100 àti −100, 2.00 ni wọ́n jẹ́, 1/1 ní ìdá, èrè tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú owó tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí +85 níbì kan, ẹni tó kọ ọ́ ti ṣàṣìṣe, ẹ má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ẹ̀.

Fífi wọ́n wéra ò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Ẹ kà wọ́n bíi nọ́mbà tó wà lórí ìlà kan, èyí tó wà lápá ọ̀tún ló ń san jù nígbà gbogbo: −150 sàn ju −160, +140 sàn ju +138. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni pé ìgbésẹ̀ wọn ò dọ́gba lọ́nà máínọ́ọ̀sì. Láti −110 sí −120, lórí 100, èrè já láti 90.91 sí 83.33, owó gidi nìyẹn. Láti −500 sí −510, láti 20 sí 19.61 ni, kò tó nǹkan. Ìgbésẹ̀ 10 kan náà lójú, àmọ́ kì í ṣe 10 kan náà lápò.

Ẹ jẹ́ ká gbé géèmù kan yẹ̀ wò

Tẹníìsì, agbábọ́ọ̀lù méjì, kò sí ọ̀mì. Ká pe ẹni tí wọ́n ò fọkàn tán ní Kìíní, ká pe ẹni tí wọ́n fọkàn tán ní Kejì. Ilé tẹ́tẹ́ mẹ́ta ló ń tà wọ́n, ẹ sì ní 40 lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ tí mo ṣe fúnra mi ni àwọn nọ́mbà yìí.

Lórí Kìíní, ilé A kọ 2.40, ilé B kọ 11/8, ilé D kọ +138. A ti ṣírò A àti B lókè, 96 àti 95. Ti D: 138 ÷ 100 jẹ́ 1.38, 1.38 lọ́nà 40 jẹ́ 55.20, àpapọ̀ 95.20. Ilé A ló san jù.

Lórí Kejì, ilé A kọ 1.62, ilé B kọ 8/13, ilé D kọ −160. Ilé A: 1.62 lọ́nà 40 jẹ́ 64.80. Ilé B: 8 ÷ 13 jẹ́ 0.6154, lọ́nà 40 jẹ́ 24.62, àpapọ̀ 64.62. Ilé D: 100 ÷ 160 jẹ́ 0.625, lọ́nà 40 jẹ́ 25, àpapọ̀ 65. Ibí yìí ilé D ló wọlé, ilé tó dáa jù lórí Kìíní kọ́ ló dáa jù lórí Kejì, tí ẹ bá sì fojú lásán wo 1.62, 8/13 àti −160, mo fẹ́ mọ ẹni tó máa rí i.

Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀ o, torí ohun tí nọ́mbà yìí ń fi pamọ́ ló kù. Ẹ yí àwọn méjèèjì sí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ilé A, 1 ÷ 2.40 jẹ́ 41.67%, 1 ÷ 1.62 jẹ́ 61.73%, ẹ ro wọ́n pọ̀, 103.40%. Ẹnì kan ló máa jẹ nínú àwọn méjèèjì, kò yẹ kó ju 100% lọ, 3.40 tó lé yẹn ni ilé tẹ́tẹ́ fi ń jẹun. Ilé B tó ń lo ìdá: ìsàlẹ̀ pín sí ọ̀nà òkè àti ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ ti rò pọ̀, 8/19 jẹ́ 42.11%, 13/21 jẹ́ 61.90%, àpapọ̀ 104.01%. Ilé D: 100/238 jẹ́ 42.02%, fún máínọ́ọ̀sì nọ́mbà náà ni wọ́n máa pín, 160/260 jẹ́ 61.54%, àpapọ̀ 103.56%. Ilé B ló ń jẹ jù nínú wọn. Kódà tẹ́ ẹ bá mú èyí tó dáa jù lápá kọ̀ọ̀kan, Kìíní ní ilé A, Kejì ní ilé D, 103.21% ṣì ni, ẹ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Tí bẹ́ẹ̀tì bá kúrò ní ẹyọ kan

Níbi tíkẹ́ẹ̀tì alápapọ̀, dẹ́símà nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn. Ká ní géèmù mẹ́ta lẹ dì pọ̀, ọ̀kan −110, ọ̀kan 6/4, ọ̀kan 1.80. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di dẹ́símà, 1.90909, 2.50, 1.80, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ ara wọn, 8.59. Lórí 10, 85.91 ló máa padà wá, èrè ẹ̀ 75.91. Ẹni tó bá di ìdá pọ̀ láìfi 1 kún un, 10/11 lọ́nà 6/4 lọ́nà 4/5, 1.09 ló máa rí, á ní èrè òun ò ju 10.91 lọ. Ìdí ẹ̀ ni pé nínú alápapọ̀, owó yín àti èrè géèmù àkọ́kọ́ ni wọ́n jọ ń gbé lọ síwájú, tí owó yín ò bá sí nínú nọ́mbà, ìṣirò ti bàjẹ́. Tí wọ́n bá sì fagi lé géèmù kan, ọ́ọ̀dì ẹ̀ á di 1.00. Ká ní ti 6/4 ni wọ́n fagi lé, 1.90909 lọ́nà 1.80 jẹ́ 3.436, 10 á di 34.36.

Níbi eré ẹṣin, ọ̀rọ̀ yí padà. Bẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n máa ń pín sí méjì, ìlàjì owó lórí pé ẹṣin máa gba ipò kìíní, ìlàjì lórí pé á kàn wà lára àwọn tó síwájú, ìlàjì kejì yìí sì máa ń san ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ọ́ọ̀dì. Tí ọ́ọ̀dì bá jẹ́ 8/1, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ jẹ́ 2/1, ọmọdé á ṣe é. Ẹni tó ní 9.00 lọ́wọ́ ló máa kó sí páńpẹ́, á pín 9.00 sí mẹ́rin, á ní 2.25, irọ́ ni. Èrè ni wọ́n ń pín, wọn ò pín owó yín: 9.00 yọ 1, 8, pín sí mẹ́rin, 2, fi 1 padà, 3.00.

Bẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ náà fara jọ ọ́, torí ó wọ́pọ̀ kí wọ́n má dá owó bẹ́ẹ̀tì yẹn padà tẹ́ ẹ bá jẹ, èrè nìkan ni wọ́n máa fún yín. Bẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ 40 lórí 2.40 jẹ́ 56, kì í ṣe 96. Ìdá àti ti Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, dẹ́símà ló nílò kẹ́ ẹ yọ 1.

Ta ló yẹ kó lo èwo

Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì alápapọ̀, tàbí tó ń wo ilé tẹ́tẹ́ púpọ̀ kó tó mú ọ̀kan, kó yí sẹ́tìnsì ẹ̀ sí dẹ́símà kó má yí i padà mọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ náà, dẹ́símà ni, torí ọ̀nà ìṣirò kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó jẹ́ pé eré ẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Áyálándì ló ń tẹ̀ lé, kó fara mọ́ ìdá, kó há àkàbà yẹn sórí láti 1/2 dé 5/1, tó bá ju ìyẹn lọ ó ti rọrùn. Ti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ka ìròyìn eré ìdárayá ibẹ̀ nìkan ló nílò ẹ̀, torí gbogbo àlàyé wọn, −110 ló wà nínú ẹ̀, ẹni tí ò bá mọ̀ pé −110 ń béèrè pé kẹ́ ẹ jẹ ní 52.38% kí owó tó dọ́gba ò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tí ìyẹn ò bá kàn yín, ẹ má dààmú.

Tó bá sì jẹ́ kakulétọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ máa lò, ẹ dán an wò pẹ̀lú nọ́mbà méjì kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ tẹ +100, 2.00 àti 1/1 ló gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ tẹ −200, 1.50 àti 1/2 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tó bá gbé 3.00 jáde, máínọ́ọ̀sì iwájú ẹ̀ ni kò kà, ẹ pa á dé kẹ́ ẹ wá òmíràn.